Ibi tí Wọ́n Ti Ń Gé Orúkọ

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé báyìí náà ni orúkọ màmá mi ṣe máa yọ síta lára káàdì?"

Ará Bàrígà ni obìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ọwọ́ rẹ̀ kejì ṣì di báàgì tó kó fọ́tò olóògbé sí mú. Mò ń bá ṣọ́ọ̀bù náà tọ́jú ojú ìwé tí àwọn oníbàárà fi ń yan káàdì. Lójú fóònù rẹ̀, káàdì méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ti ìsìnkú màmá rẹ̀ lápá òsì, àpẹẹrẹ mìíràn lápá ọ̀tún. Lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ orúkọ olóògbé. Orúkọ náà ti kọjá etí àpótí tirẹ̀, ó ti gorí káàdì kejì, ó sì ti bo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo dá a lóhùn pé rárá, orí bébà á gbà á dáadáa. Òótọ́ ni mo sọ. Síbẹ̀, ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí kì í ṣe bébà ló ń wò nígbà tó béèrè. Orúkọ ìyá tó bí i ló ń wò, tí kò ráyè nínú àpótí tí wọ́n ní ó jẹ́ tirẹ̀.

Ohun tó ń fà á kò ṣòro láti sọ. Bùráúsà, ìyẹn ètò tó ń gbé ojú ìwé sójú fóònù, máa ń wá àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ méjì kó tó sọ̀kalẹ̀ sí ìlà tó kàn. Ó tún lè sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn háífìnì tàbí àmì ìbéèrè. Bí kò bá rí irú àyè bẹ́ẹ̀, ojú odidi kan ni yóò fi wo gbogbo lẹ́tà náà, yóò sì jẹ́ kí wọ́n ṣàn kọjá etí àpótí dípò kó gé wọn fúnra rẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń pè é ní àbùkù bùráúsà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ṣàn síta kò dùn ún wò, àmọ́ ó ṣì ṣeé kà. Ọ̀rọ̀ tí a gé níbi tí kò yẹ, tàbí tí a fi apá kan rẹ̀ pamọ́, lè parọ́ fún ẹni tó ń kà á. Ẹni tó bá fẹ́ gé e gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ohun tó fẹ́ gé.

Nínú apá tí àwọn oníbàárà ti ń bá ṣọ́ọ̀bù náà sọ̀rọ̀, oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ gígùn ló máa ń wọlé. Inú ẹnì kan dùn sí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un, wọ́n gbàdúrà fún un, ó sì dáhùn pé "Àmííííííííííín" títí tí ìlà fi tán. Ẹlòmíràn kó háṣítáàgì ìgbéyàwó wá, orúkọ ọkọ, orúkọ ìyàwó àti ọdún, gbogbo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n èyí tó là mí lójú jù ni líǹkì Wásáàpù, irú èyí tí oníbàárà máa ń tẹ̀, tí Wásáàpù á ṣí, tí ìkíni á sì ti wà níbẹ̀ tó kàn máa fi ránṣẹ́. Ká ní "Ẹ kú iṣẹ́" ni ìkíni náà. Lójú wa, lẹ́tà mẹ́fà àti àlàfo méjì ni. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì kì í gba àlàfo, kì í sì í gba lẹ́tà tó ní àmì lórí tàbí nísàlẹ̀. Kóòdù ló ń sọ gbogbo wọn dà. Èyí ni yóò jáde, tí mo fi òdo dípò nọ́ńbà fóònù:

```
https://wa.me/2340000000000?text=%E1%BA%B8%20k%C3%BA%20i%E1%B9%A3%E1%BA%B9%CC%81
```

Àlàfo kọ̀ọ̀kan di `%20`. Ẹ tó ṣíwájú di àmì mẹ́sàn-án. Ẹ́ tó gbẹ̀yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sí kóòdù kan ṣoṣo tó dúró fún ẹ pẹ̀lú àmì ohùn òkè lórí rẹ̀: mẹ́sàn-án ni ti lẹ́tà, mẹ́fà ni ti àmì ohùn, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìkíni kékeré yìí di àmì 47, àdírẹ́sì lápapọ̀ sì di 80. Àwọn àlàfo tí bùráúsà ìbá ti rí ibi sọ̀kalẹ̀ gan-an ni wọ́n yọ kúrò. Ohun tó sì dùn mí níbẹ̀ ni pé ẹni tó fara balẹ̀ kọ Yorùbá rẹ̀, tó fi gbogbo àmì sí i, ni àdírẹ́sì tirẹ̀ máa ń gùn jù, òun náà ni tirẹ̀ sì máa ń kọ́kọ́ ya kúrò nínú àpótí.

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Fóònù tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn fẹ̀ tó píkísẹ́lì 360. Fọ́tò ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gba 40, ó ku 320 fún òpó tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. A ní kí àpótí ìfiránṣẹ́ má ju ìdá 70 nínú 100 òpó náà lọ, ìyẹn 224. Bí a bá yọ àyè 12 lọ́tùn-ún àti 12 lósì, 200 ló kù fún ọ̀rọ̀. Bí àmì kọ̀ọ̀kan bá gba nǹkan bíi píkísẹ́lì mẹ́sàn-án, àdírẹ́sì wa ń fẹ́ 720. Ìlà márùn-ún ló máa gbà bí wọ́n bá gé e, nítorí orí ìlà tuntun ni ohun tó tẹ̀ lé àmì ìbéèrè ti máa bẹ̀rẹ̀.

Oògùn tí gbogbo ayé mọ̀ fún èyí ni `overflow-wrap: break-word`. Maikirosọ́ọ̀fù ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọdún 2000, nínú bùráúsà wọn Internet Explorer 5.5, `word-wrap` sì ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Orúkọ àtijọ́ ọ̀hún ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní. Ohun tó ń sọ fún bùráúsà ni pé kó kọ́kọ́ wá àlàfo bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kan bá dá ìlà kan gbà tí kò sì tún wọ̀ ọ́, kó gé e níbi tó bá ti tó. Kì í fi àmì kankan sí ibi tó gé. Ìyẹn ló sì yẹ àdírẹ́sì, nítorí bí háífìnì bá yọ níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ fọwọ́ tẹ àdírẹ́sì náà yóò rò pé ara rẹ̀ ni.

Ìlà òfin yìí wà lórí ojú ìwé ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́lẹ̀. Àdírẹ́sì ṣì ń yọ síta. Nígbà tí mo fara balẹ̀ wò ó, mo rí i pé bùráúsà ń gé e lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń gé e ti kọjá ojú fóònù. Mo wọn àpótí náà, ó fẹ̀ tó 344, nígbà tó jẹ́ pé 224 ni kò yẹ kó jù lọ. Nọ́ńbà 344 yẹn ló tú àṣírí. Òpó tó gba àpótí náà wà nínú ètò `display: flex`, ohun tó bá sì wà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í gbà kí wọ́n fún òun ju bí ọ̀rọ̀ tó gùn jù nínú òun ṣe fẹ̀ lọ, àfi tí a bá sọ fún un. `break-word` máa ń gé ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣèlérí fún òpó lásìkò ìwọ̀n pé gígé ń bọ̀. Òpó náà wo apá àdírẹ́sì tó tẹ̀ lé àmì ìbéèrè, tó jẹ́ àmì 52, ó rí 468, ó fi àyè 24 kún un, ó di 492. Ìdá 70 nínú 100 ti 492 ni 344. Àpótí pa òfin tí a fún un mọ́. Òpó ló ti fẹ̀ jù.

```css
.opo {
  min-width: 0;
}
.ifiranse {
  max-width: 70%;
  overflow-wrap: break-word;
  overflow-wrap: anywhere;
}
```

`min-width: 0` ni ó ń sọ fún òpó pé ó lè fún tó bí àyè bá ṣe rí. `anywhere` ń gé bí `break-word` ṣe ń gé, ṣùgbọ́n òun máa ń kéde rẹ̀ lásìkò ìwọ̀n. Mo kọ méjèèjì tẹ̀lé ara wọn nítorí àwọn fóònù Ápù tòkunbọ̀ tó ṣì kún ìgboro: bùráúsà Safari tó ṣáájú ẹ̀dà 15.4 ti ọdún 2022 kò mọ `anywhere`. Yóò fojú fo ìlà kejì, yóò sì lo ti àkọ́kọ́.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹnì kan ti ní kí a lo `overflow: hidden`, kí ohun tó bá ti yọ síta má hàn mọ́. Ó yára, ojú ìwé á sì mọ́. Èmi ò fọwọ́ sí i. Àwọn oníbàárà máa ń fi nọ́ńbà sẹ́ṣọ̀n ránṣẹ́ láti fi hàn pé àwọn ti sanwó láti báńkì, díjítì 30 sì ni nọ́ńbà náà ní láìsí àlàfo. Ní píkísẹ́lì mẹ́sàn-án fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 270 ló ń fẹ́. Nínú àpótí wa, 23 nínú wọn ni yóò hàn tán. Àwọn tó kù yóò wọ abẹ́ etí àpótí, kò sì ní sí ohun tó máa sọ fún akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù pé nǹkan kù. Yóò da ohun tó rí kọ, yóò wá owó náà tì, yóò sì sọ fún oníbàárà pé owó kò wọlé. Pípa làpálàpá ni ìyẹn, ẹ̀tẹ̀ wà nílẹ̀. Bí a bá gé e, 22 á wà lókè, mẹ́jọ á wà nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì pé.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì àti nọ́ńbà tán síbẹ̀. Ti orúkọ ló kù, ti orúkọ kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Mo gbé òfin kan náà lọ sórí káàdì láti wò ó. Nínú fóònù oní-360, káàdì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ń rí 156 ọ̀kọ̀ọ̀kan, 132 ló sì kù nínú fún ọ̀rọ̀. Ẹ mú orúkọ bí OLÚWAFÚNMILÁYỌ̀, lẹ́tà 14, tí lẹ́tà ńlá kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bíi 16. Mẹ́jọ ló máa wọ ìlà àkọ́kọ́: OLÚWAFÚN lókè, MILÁYỌ̀ nísàlẹ̀. Kò sí àmì kankan láàárín wọn, nítorí náà ẹni tí kò mọ olóògbé yóò rò pé orúkọ méjì ni. Ẹ gbé e lọ sórí fóònù oní-320, lẹ́tà méje ló máa wọ̀ ọ́: OLÚWAFÚ lókè, NMILÁYỌ̀ nísàlẹ̀. N tó ń mú kí ohùn gba imú ti ya kúrò lára fáwẹ̀lì rẹ̀. Ohun tó kù nísàlẹ̀ kò sí lẹ́nu ọmọ Yorùbá kankan. Bùráúsà tiẹ̀ ṣe dáadáa ní ọ̀nà kan: kì í ya àmì ohùn kúrò lára lẹ́tà rẹ̀. Àwọn tó ń fi kóòdù ara wọn ka lẹ́tà kí wọ́n tó gé e ni mo ti rí tí wọ́n ya àmì ohùn ọ̀ sọ́tọ̀, tí àmì náà fi dá dúró níbẹ̀rẹ̀ ìlà.

Nígbà tí mo rí NMILÁYỌ̀ yìí ni mo rántí bàbá kan tó ti ń to lẹ́tà òjé ní agbègbè Bajulaiye kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà. Ó máa ń sọ pé òun kì í gé orúkọ láìjẹ́ pé òun bi ẹni tó ni ín. Ó sọ fún mi nípa ìwé ìpè ìgbéyàwó kan tí orúkọ ìdílé ọkọ jẹ́ Ikúforíjì, tí ìlà kò sì gbà á tán. Ibi tó rọrùn jù láti gé e ni ẹ̀yìn Ikú. Ta ló máa fi Ikú parí ìlà lórí ìwé ìpè ìgbéyàwó? Ó tú gbogbo ìlà náà, ó fi lẹ́tà tó kéré sí i tò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bàbá yìí ń wo ilé kó tó gé orúkọ.

Mo rò ó títí, mo sì rí i pé àǹfààní kan wà lọ́wọ́ bàbá náà tí kò sí lọ́wọ́ wa. Ó mọ bí ìlà òun ṣe fẹ̀ tó. Bó bá ti to lẹ́tà rẹ̀ tán, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀dà yóò ṣe rí, ìbáà jẹ́ igba ìbáà jẹ́ ẹgbẹ̀rún. Káàdì tí a gbé sórí fóònù ń jẹ́ gígé ní ọwọ́ ẹni tó ń kà á, nílé rẹ̀, lórí fóònù tí a kò rí rí, bóyá tó tiẹ̀ ti fi lẹ́tà tóbi nítorí ojú rẹ̀. A kì í sí níbẹ̀. Ohun tó kù fún wa kò ju ká fi àṣẹ sílẹ̀ ṣáájú, ká sọ pé bó bá di dandan, ibí ni kí ẹ gé e.

Àwọn kan á ní `hyphens: auto` ti wà fún ìyẹn. Ó wà, ṣùgbọ́n ohun méjì ló nílò: kí ojú ìwé sọ èdè tí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ náà, kí bùráúsà sì ní ìwé òfin gígé fún èdè náà. Bí ojú ìwé bá ní `lang="en"` tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi gé Yorùbá. Bí a bá tún un ṣe sí `lang="yo"`, gígé ọ̀hún á dáwọ́ dúró, nítorí Yorùbá kò sí nínú àkójọ èdè tí Firefox, fún àpẹẹrẹ, mọ bí a ṣe ń gé. Kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní 1983, ní Yunifásítì Stanford, Frank Liang parí iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn ẹ̀rọ ṣì fi ń gé ọ̀rọ̀ títí dòní. Fún Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ó nílò àpẹẹrẹ lẹ́tà 4,447, síbẹ̀ ó ń pàdánù bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá àwọn ibi tó yẹ kó gé. Yorùbá kò lè gbà tó bẹ́ẹ̀ láé. Sílébù wa máa ń parí sí fáwẹ̀lì, nítorí náà ibi tí fáwẹ̀lì bá ti pàdé kọ́ńsónáǹtì ni ibi gígé. Kí gb má ya. Kí n tàbí m tó wà ṣáájú kọ́ńsónáǹtì mìíràn dúró lẹ́yìn fáwẹ̀lì rẹ̀. Bí fáwẹ̀lì ló bá tẹ̀ lé n náà, kó bá fáwẹ̀lì yẹn lọ. O-lú-wa-fún-mi-lá-yọ̀. A-dé-ní-yì. A-dé-gbọ́-lá. Ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i pàápàá kò ní dá òfin yìí dúró, nítorí kò gbára lé ohùn.

Ìwọ̀nba òfin yìí ni mo sọ di kóòdù fún káàdì ṣọ́ọ̀bù náà. Ohun tó ń fi sí ibi gígé ni `­`, háífìnì tí kì í hàn títí dìgbà tí ìlà bá já níbi tó wà. `overflow-wrap` kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ tó bá ti rí irú àyè bẹ́ẹ̀ lò. Ó di ìgbà tí àyè náà kò bá tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi gbogbo sílébù hàn án, OLÚWA- ló fi sókè, FÚNMILÁ- ló tẹ̀ lé e, ó sì ju YỌ̀ nìkan sílẹ̀. Ní ti sílébù, kò sí àléébù níbẹ̀. Ní ti bàbá Bajulaiye, àléébù wà. Nítorí náà a fi àyè kan kún fọ́ọ̀mù, níbi tí ẹbí ti lè sọ fúnra wọn ibi tí wọ́n fẹ́:

```html
<h3 lang="yo">OLÚWA­FÚNMI­LÁYỌ̀</h3>
```

Ní 132, OLÚWA- ló wà lókè, FÚNMI- ló tẹ̀ lé e, LÁYỌ̀ ló gbẹ̀yìn. Ìlà mẹ́ta ni, ìtumọ̀ kò sì dàrú. Ìgbà tí a bá ń gbé e sójú fóònù nìkan ni a ń fi `­` sí i. Kì í wọ ibi tí a ń tọ́jú orúkọ sí, nítorí lẹ́tà kan ni lójú ẹ̀rọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò rí i, ẹni tó bá sì wá orúkọ náà lẹ́yìn náà lè má rí i mọ́.

Ibi tí iyèméjì mi kù sí ni pé Ṣómólú àti Bàrígà kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Orúkọ Nwankwọ wọlé, kóòdù mi sì gé e sí Nwan-kwọ, nítorí n wà ṣáájú kọ́ńsónáǹtì. Nwa ni ọmọ, Nkwọ ni ọjọ́ ọjà. Ti Nkwọ ni n náà. Abdulrahman tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń jẹ́ tún gé sí A-bdu, èyí tí kò sí ní èdè kankan tí mo mọ̀. Mo ti yí i padà báyìí: orúkọ tí ẹni tó ni ín kò bá sọ pé Yorùbá ni, kóòdù mi kì í fọwọ́ kàn án. `min-width: 0` àti `overflow-wrap: break-word` nìkan ló wà lára rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré sí i díẹ̀ kó lè wọ ìlà kan. N kò lo `anywhere` níbẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ kí òpó tóóró fún orúkọ mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi ku lẹ́tà kan lórí ìlà. Mo ti ní kí ọ̀kan nínú àwọn tó ń ya iṣẹ́ fún ṣọ́ọ̀bù náà, tó jẹ́ ọmọ Ìgbò, kọ òfin ti èdè tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi.